Ta ni ọmọ ẹgbẹ́, kí la jọ gbàgbọ́, ta ni yóò dá ẹjọ́? Bí a ṣe kọ òfin ẹgbẹ́ kan ní Ìtòrí

Ẹ̀gbọ́n kan tó ti jáde ní ẹ̀ka wa kí n tó wọlé ló pè mí pé kí n wá bá àwọn ṣe akọ̀wé ní Ìtòrí. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn, àwọn olùkọ́ Bíbélì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún agbègbè Ewékorò. Wọ́n á máa pàdé, wọ́n á máa ka iṣẹ́ ìwádìí síra wọn létí, wọ́n á sì máa tẹ ìwé kékeré jáde. Ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, pé wọ́n ti ní ìwé òfin nílẹ̀, kí n kàn bá wọn tún un tẹ̀ dáadáa.

Ojú ewé mẹ́rìnlá ni ìwé òfin náà. Nígbà tí mo dé ojú ewé kejì ni mo rí i pé ó sọ pé olú-iṣẹ́ ẹgbẹ́ wà ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n ti da ìwé ẹgbẹ́ mìíràn kọ, wọ́n sì gbàgbé láti yí orúkọ ìlú padà. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àṣìṣe yẹn ni ó kéré jù nínú ìwé náà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ìpàdé mẹ́fà, láti ọjọ́ Sátidé kan dé òmíràn, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí a ti ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé sìmẹ́ǹtì kọjá.

Mo ń kọ èyí nítorí pé púpọ̀ nínú wa tí a bá jáde ni wọn yóò gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Àwọn àgbà á wò ọ́, wọ́n á ní ìwọ tó kàwé, wá bá wa kọ òfin. Ibi mẹ́ta ni ìjà ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ohun tí ẹgbẹ́ gbà gbọ́, àti ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹjọ́ nígbà tí ìjà bá dé. Ìyókù, bí i iye owó oṣooṣù àti àwọ̀ báàjì, kò fi bẹ́ẹ̀ fọ́ ẹgbẹ́ rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ọmọ ẹgbẹ́ ṣáájú. Ìwé tí wọ́n dà kọ sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn Olúwa tó sì nífẹ̀ẹ́ sí ẹ̀kọ́ lè di ọmọ ẹgbẹ́. Gbólóhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ ìgbà tí ènìyàn di ọmọ ẹgbẹ́. Ṣé ọjọ́ tó kọ orúkọ sílẹ̀ ni? Ṣé ọjọ́ tó san owó? Àbí ọjọ́ tí ìpàdé gbà á wọlé? Ẹni tó kọ orúkọ lọ́dún tó kọjá, tí a kò rí i mọ́, ṣé ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ni? Ó lè dà bí ìbéèrè àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe, títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ dìbò.

Mo mú bíírò, mo sì ṣe ìṣirò kan fún wọn lórí pátákó. Ẹ ní kí a sọ pé orúkọ ènìyàn méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú rẹ́jísítà. Ọgbọ̀n nínú wọn ti san owó ọdún náà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wá sípàdé ọjọ́ tí a fẹ́ tún òfin ṣe. Nígbà tí a dìbò, méjìdínlógún ní bẹ́ẹ̀ ni, méje ní bẹ́ẹ̀ kọ́, méjì kò dá sí i. Òfin sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò tún òfin ṣe. Ṣé àtúnṣe náà dúró?

Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn wọn kò sì bára mu. Bí òfin bá sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta 48 jẹ́ 32, nítorí náà kódà bí gbogbo ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó wà níbẹ̀ bá gbà, àtúnṣe kò lè dúró láéláé. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn tó san owó, 20 ni a nílò, 18 kò sì tó o. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn tó wá sípàdé, 18 gan-an ni, ó dúró lórí ẹni kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn tó dìbò, 17 ti tó. Ìpàdé kan náà ni, ìbò kan náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta tí akọ̀wé fò ló ń yí èsì padà. Ẹni tí èsì kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò di ọ̀nà kíkà tó ṣe é láǹfààní mú, kò sì ní purọ́.

Èyí tí a yàn nìyí: ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni tí ìgbìmọ̀ ti gbà wọlé, tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, tí kò sì jẹ owó ju ọdún kan lọ. Ìbò fún àtúnṣe òfin jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò, ṣùgbọ́n ìdajì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wà níjòókòó kí ìpàdé náà tó lè bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé yóò ka rẹ́jísítà ní ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìpàdé ọdọọdún, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lè tètè pariwo. Bí ìbéèrè nípa ẹni tó lè dìbò bá máa wáyé, ó sàn kí ó wáyé nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tí ìbò náà yóò dá lé lórí.

Ohun kejì lórí ọmọ ẹgbẹ́ ni ti àwọn tí a gba owó wọn ṣùgbọ́n tí a kò fún wọn lóhùn. Ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá kún fún un. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tó pé jọ ní Láḿbẹ́ẹ̀tì pinnu pé a kò gbọ́dọ̀ ri ẹni tó fẹ́ aya púpọ̀ bọmi, pé kí a kàn máa kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi yí ipò rẹ̀ padà. Irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà nínú ìjọ, wọ́n ń wá sí ìsìn, wọ́n ń dáwó, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ ní kíkún. Nígbà tí Ìjọ Áfíríkà Ìbílẹ̀ Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹjọ 1891, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n yí padà nìyẹn: wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọ ìjọ tó ní aya púpọ̀. Ìjọ Áfíríkà tó jáde láti inú Ìjọ Póòlù Mímọ́ ní Bírẹ́dífúrùùtù lọ́dún 1901 náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti 1901 yẹn ní ẹ̀kọ́ mìíràn nínú fún wa, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ aya ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Túgúwẹ́ẹ̀lì ló mú Jémíìsì Jọ́ńsìn, tó ti ṣe alábòójútó ní Abẹ́òkúta rí, kúrò ní Bírẹ́dífúrùùtù. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ bínú, wọ́n sì jáde, Jékọ́bù Kẹ́hìndé Kókà tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Jọ́ńsìn fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Àwọn tó jáde pọ̀, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn kò bá wọn jáde. Ẹni tó ní orúkọ lórí ilẹ̀ ló ni ilé, bó ti wù kí àwọn tó dáwó kọ́ ọ pọ̀ tó. Nígbà tí mo sọ èyí tán, Ìyá olùkọ́ kan tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ Kírísítẹ́nì béèrè bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí àwọn fẹ́ rà yóò wà lórúkọ ta ni. Ẹni tó béèrè irú ìbéèrè yẹn, ẹ jẹ́ kó ṣe akápò.

Nítorí náà a ya ọmọ ẹgbẹ́ sí ọ̀nà méjì péré. Ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún ń sanwó, ó ń dìbò, ó sì lè di ipò mú. Ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́, bí i akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó kàn fẹ́ máa gba ìwé ẹgbẹ́, kì í dìbò, owó rẹ̀ sì kéré. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ẹni tí a lè gba owó kíkún lọ́wọ́ rẹ̀ kí a sì dù ú ní ohùn. A tún kọ ọ́ pé ènìyàn ló ń jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ìjọ. Bí a bá jẹ́ kí ìjọ máa wọlé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́, ìjọ tó ní ẹ̀ka mẹ́wàá á gbé ìbò mẹ́wàá wá, ìjà inú ìjọ náà á sì bá a wọlé.

Orí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni a ti lo ìpàdé mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ìwé tí wọ́n dà kọ ní àlàyé ìgbàgbọ́ mọ́kàndínlógún. Mo béèrè ẹni tó ti kà á tán nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló gbé ọwọ́ sókè, òun ló sì dà á kọ.

Mo sọ ìtàn kan fún wọn tí àwọn àgbà ibẹ̀ mọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì wò láti ojú òfin rí. Ní 1918, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn, ẹgbẹ́ àdúrà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láàrin àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n gbàgbọ́ pé Ọlọ́run nìkan ló ń wo aláìsàn sàn, wọn kò sì lo oògùn. Wọ́n jáde kúrò nínú Áńgílíkà, wọ́n so mọ́ ìjọ Féèsì Tábánákù ti Filadẹ́fíà ní Amẹ́ríkà nípa lẹ́tà àti ìwé kíkà, wọ́n sì tún yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìsọjí ńlá tó ṣẹlẹ̀ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930, nígbà tí Jósẹ́fù Babalọlá ń wàásù, wọ́n ránṣẹ́ sí Ìjọ Àpọ́sítélì ti ilẹ̀ Bìrìtéènì. Aṣojú mẹ́ta dé sí Èkó ní 1931, àwọn òjíṣẹ́ tó wá gbé níbí sì tẹ̀lé wọn.

Ìhà méjèèjì gbà pé àdúrà ń wo aláìsàn sàn. Bí a bá ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé, gbólóhùn kan náà ni wọn ì bá fọwọ́ sí. Nígbà tó pẹ́ ni àwọn ará ibí rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Lójú àwọn òyìnbó, àdúrà àti kuiníìnì kò bá ara wọn jà. Lójú Odùbánjọ, Babalọlá àti Akínyẹlé tó wá di Olúbàdàn lẹ́yìn náà, ẹni tó bá mu kuiníìnì kò gba ohun tó ń wàásù gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò yanjú, ìjọ sì pín sí méjì ní nǹkan bí 1939 sí 1941. Àwọn kan dúró pẹ̀lú Ìjọ Àpọ́sítélì, àwọn tó kù sì di ohun tí a mọ̀ lónìí sí Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi, èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí nínú rẹ̀ ni pé gbólóhùn tí gbogbo ènìyàn lè fọwọ́ sí kò tíì sọ ohunkóhun nípa ìjà tó ń bọ̀. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ a máa sọ ohun tí a gbà, kì í sábà sọ ohun tí a kọ̀ tàbí ohun tí a fi sílẹ̀ fún ọkàn oníkálùkù. Nígbà tí a bá ń kọ ọ́, ó yẹ kí a mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí a sì béèrè pé: kí ni ọmọ ẹgbẹ́ kan lè ṣe ní ọjọ́ Ajé tí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn yóò fi sọ pé ó ti rú eléyìí? Bí ìdáhùn wa kò bá bára mu, gbólóhùn náà kò tíì parí.

A dán an wò lórí gbólóhùn tó sọ pé Ìwé Mímọ́ nìkan ni òdiwọ̀n ìgbàgbọ́. Olùṣọ́-àgùntàn àgbà kan láti inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní gbólóhùn yẹn pé, kí a má fọwọ́ kàn án. Mo béèrè lọ́wọ́ Wòlíì kan tó wá láti ìjọ Kérúbù àti Séráfù bóyá ó lè fọwọ́ sí i. Ó ní òun lè fọwọ́ sí i.

"Wòlíì, bí ẹ bá rí ìran lóru nípa ọmọ ẹgbẹ́ kan ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n ló béèrè.

"Màá sọ ọ́ fún un ni. Ṣé kí n pa á mọ́ra ni?"

"Ẹ má bínú sí mi o, Wòlíì," ni Bàbá Onítẹ̀bọmi wí, "ṣùgbọ́n ohun tí gbólóhùn yìí ń sọ lójú tèmi ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní orúkọ Olúwa."

"Bàbá, ẹ̀yin ni àgbà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n kọ ìyẹn sí níbẹ̀."

Ibẹ̀ gan-an ni kuiníìnì tiwa wà. Àwọn méjèèjì ti fẹ́ fọwọ́ sí gbólóhùn kan náà pẹ̀lú ìtumọ̀ méjì. Ó gbà wá ní wákàtí méjì, a sì pín ìwé ìgbàgbọ́ sí ọ̀nà méjì. Apá kìn-ín-ní kúrú, gbólóhùn márùn-ún péré, lórí Ọlọ́run Mẹ́talọ́kan, Jésù Kristi, Ẹ̀mí Mímọ́, Ìwé Mímọ́ àti àjíǹde. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí i kò lè di ọmọ ẹgbẹ́ ní kíkún. Apá kejì dárúkọ àwọn ohun tí ẹgbẹ́ mọ̀ pé èrò àwọn ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ lórí wọn: ìrìbọmi ọmọ ọwọ́, oògùn àti ìwòsàn, ìran àti àsọtẹ́lẹ̀, aya púpọ̀, ìfinijoyè obìnrin nínú ìjọ. Abala náà sọ pé ẹgbẹ́ kò ní ìpinnu lórí wọn, a kò sì lè fi wọ́n pe ọmọ ẹgbẹ́ kankan lẹ́jọ́. Kíkọ ohun tí a kò fẹnu kò lé lórí sínú òfin dà bí àbùkù lójú àwọn kan, pàápàá Bàbá Onítẹ̀bọmi, ẹni tó ní ó dà bí ẹni ń pàtẹ aṣọ ìdọ̀tí sí ìta. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Abala yẹn ló ṣeé ṣe kó wúlò jù nínú gbogbo ìwé náà.

A tún fi gbólóhùn kan sí i nítorí pé ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé ni, kì í ṣe ìjọ: ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí, tàbí tó bá gbé kalẹ̀ fún àríyànjiyàn níbi ìpàdé, kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti sẹ́ ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Láìsí èyí, ẹni tó bá ka ìwé lórí Áríọ́sì á máa bẹ̀rù kí wọ́n má lọ pè é ní ọmọ ẹ̀yìn Áríọ́sì. Ó dára kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ẹgbẹ́ lè yàn láti má ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rárá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin onímọ̀ nípa ẹ̀sìn ní Áfíríkà tí Mẹ́sì Ámbà Odùyọyè kó jọ ní Akirá ní 1989 gba Kírísítẹ́nì, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí àti ìwé kíkọ ló so wọ́n pọ̀. Mo dá a lábàá ní Ìtòrí. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ebi ń pa, a sì kọjá síbòmíràn.

Ó ku ẹni tó lè yí ìjẹ́wọ́ náà padà. Àpẹẹrẹ èyí tí gbogbo wa kọ́ ní ọdún kejì ni ti Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Náíséà. Bí ìgbìmọ̀ Kọnsitantinópù ṣe gbé e kalẹ̀ ní 381, Ẹ̀mí Mímọ́ ń ti ọ̀dọ̀ Baba wá. Àwọn ìjọ ìwọ̀-oòrùn fi kún un pé ó ń ti ọ̀dọ̀ Ọmọ wá pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ní èdè Látìnì, a sì máa ń so ó mọ́ ìpàdé Tòlẹ́dò ní 589. Ní nǹkan bí 810, Póòpù Lìó Kẹta gba ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìjẹ́wọ́. Ó ní kí wọ́n fín ìjẹ́wọ́ ti àtijọ́ sára fàdákà ní Róòmù láìsí ọ̀rọ̀ yẹn nínú rẹ̀. Ní 1014 ni Róòmù tó wá ń kọ ọ́ pẹ̀lú àfikún náà, ìjà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn tó bẹ́ ní 1054 sì di ọ̀rọ̀ yìí mú. Lìó rí ohun tí ọ̀pọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kì í rí: ọ̀tọ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òtítọ́, ọ̀tọ̀ ni bóyá àwa nìkan lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í sínú ohun tí gbogbo wa jọ fọwọ́ sí. Ní Ìtòrí, a fún apá kìn-ín-ní ní ìbò mẹ́rin nínú márùn-ún, ní ìpàdé ọdọọdún méjì tó tẹ̀léra. Ẹni tí inú bá ń bí lọ́dún yìí á ní oṣù méjìlá láti tún un rò.

Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ló kù. Ìwé tí wọ́n dà kọ ní gbólóhùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀: ìgbìmọ̀ aláṣẹ yóò yanjú gbogbo aáwọ̀, ìpinnu wọn sì ni òpin, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Àwọn àgbà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Kọ́ríńtì nípa kí àwọn onígbàgbọ́ máa pe ara wọn lẹ́jọ́ níwájú àwọn aláìgbàgbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún Pọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò lè dúró. Òfin ẹgbẹ́ kò lè ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ohun tó lè ṣe, tí ilé-ẹjọ́ sì máa ń bọ̀wọ̀ fún, ni kó sọ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ gba gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ẹgbẹ́ tán kó tó jáde lọ. Ilé-ẹjọ́ kì í fẹ́ bá wa pinnu ẹni tó mọ Ẹ̀mí Mímọ́ jù. Ohun tí yóò béèrè ni bóyá a tẹ̀lé òfin tí àwa fúnra wa kọ, àti bóyá a fún ẹni náà láǹfààní láti sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹjọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó mọ̀ ni ti Gàrúbà àti Yunifásítì Maidúgùrì. Rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1983, dúkìá bàjẹ́, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà ṣe lọ́ṣẹ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ní 1986 ilé-ẹjọ́ náà sì dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láre. Ohun méjì ló wà nínú rẹ̀ fún wa. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kò lè jókòó ṣe adájọ́, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó. Èkejì, ẹ̀sùn ọ̀daràn bí i kíkun ilé ní iná kì í ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yunifásítì, ilé-ẹjọ́ ni wọ́n ń gbé e lọ.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé bí alága bá fi ẹ̀sùn kan akọ̀wé, ta ni yóò gbọ́ ọ lábẹ́ ìwé tí wọ́n dà kọ? Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ni, alága náà ni yóò sì jókòó lórí àga. Gbogbo ènìyàn dákẹ́.

Ọ̀nà tí a wá là sílẹ̀ tẹ̀lé ìlànà Mátíù orí kejìdínlógún: kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin rẹ ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn náà mú ẹnì kan tàbí méjì dání, lẹ́yìn náà kí o tó wí fún ìjọ. Ẹni tó ní ẹ̀dùn ọkàn yóò kọ́kọ́ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Bí kò bá yanjú láàrin ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwọn méjèèjì yóò yan àgbà ọmọ ẹgbẹ́ kan láti là wọ́n níjà, ohun tí wọ́n bá sì sọ níwájú rẹ̀ kò ní di ẹ̀rí níbòmíràn. Bí ìyẹn bá já sí asán, ẹ̀sùn yóò di kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti abala òfin tí wọ́n ní ó rú. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà, yóò sì ní ọjọ́ mọ́kànlélógún láti fèsì. Ẹni mẹ́ta ni yóò gbọ́ ọ: olùfisùn yóò mú ẹnì kan, olùjẹ́jọ́ yóò mú ẹnì kan, àwọn méjèèjì tí a mú yóò sì yan ẹnì kẹta ṣe alága. Ìpinnu wọn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Kòtẹ́milọ́rùn yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni márùn-ún tí ìpàdé gbogbogbò yàn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó lè wà nínú wọn.

Níbi kíkọ ìdí sílẹ̀ ni mo ti rí àtakò jù. Wọ́n ní yóò dá ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpinnu tí kò ní ìdí ni a fi í mọ̀ pé nǹkan ti wọ́ níbìkan. Bí ẹ bá ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ kan tí ẹ rí i pé wọ́n dá ẹnì kan dúró nítorí ìwà tí kò yẹ ọmọlúàbí, tí wọn kò sì sọ ìwà náà, ẹ lọ wo ọjọ́ tí wọ́n dìbò fún ipò alága.

A tún ya irú ẹjọ́ sọ́tọ̀. Ẹjọ́ lórí ìgbàgbọ́ kò lè jáde kúrò nínú apá kìn-ín-ní. Ẹjọ́ owó yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń yẹ ìwé ìṣirò wò kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta náà. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀daràn, bí i ìfipá-bánilòpọ̀ tàbí olè, ọlọ́pàá ni a ó gbé e fún, a kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ bá a sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ìyá olùkọ́ ló tẹnu mọ́ èyí, ó sì ní kí a kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó ní ìlànà Mátíù dára fún ẹni méjì tí agbára wọn dọ́gba.

Ìwé òfin yìí yóò tún dé iwájú ìjọba bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020. Abala 827 nínú òfin yẹn sọ ohun tí ìwé òfin ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ní: orúkọ àti ète, bí a ṣe ń yan àwọn alágbàtọ́ àti bí a ṣe ń pààrọ̀ wọn, ẹni tó ń tọ́jú èdìdì, bí a ṣe ń ṣe ìpàdé, bí a ṣe ń ná owó àti bí a ṣe ń yẹ ìṣirò wò. Alágbàtọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọdé, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn jìbìtì láàrin ọdún márùn-ún. Òfin yẹn kò béèrè ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, kò sì béèrè ìlànà ìlàjà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi ní ìwé tó tẹ́ ìjọba lọ́rùn ṣùgbọ́n tí kò ní ohun tí wọ́n máa fà yọ lọ́jọ́ ìjà.

Ojú ewé mẹ́sàn-án ni ìwé náà di nígbẹ̀yìn. Ibì kan ṣoṣo ni wọn kò tíì fẹnu kò sí, gbólóhùn kẹrin nínú apá kìn-ín-ní, ti Ìwé Mímọ́. Wòlíì fẹ́ kí a yọ "nìkan" kúrò. Bàbá Onítẹ̀bọmi ní bí a bá yọ ọ́, òun kò ní fọwọ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n dá a lábàá pé kí "nìkan" dúró, kí a sì kọ ọ́ sí apá kejì pé gbólóhùn kẹrin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti sọ ìran tó rí, bí kò bá ti sọ ọ́ di òfin fún ẹlòmíràn. Wòlíì ní òun lè gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá ká ẹ̀dà tirẹ̀, ó fi í sínú Bíbélì, ó ní kí a fún òun di Sátidé tó ń bọ̀, pé òun fẹ́ kí ìyàwó òun kà á ná.